CIF: Ohun tí olùtajà san àti ohun tó ṣẹ́kù fún olùrà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìbàdàn ni mo ti ń ta àwo tánganran. Olùtajà mi ní Ṣáínà kọ "CIF Lagos" sórí ìwé owó ọjà, ó sì ní òun ti san gbogbo owó. Nígbà tí ẹrù dé Àpápá, ajẹ́ńtì ní kí n san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, mo sì tún rí i pé àwo púpọ̀ ti fọ́. Ta ni yóò san owó wọ̀nyí, ta ni yóò sì san owó àwo tó fọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ni owó kọ́sítọ́ọ̀mù wà lọ́rùn yín. Nínú àwọn òfin ìṣòwò tí Ìgbìmọ̀ Ìṣòwò Àgbáyé tó wà ní Paris ṣe, tí wọ́n ń pè ní Incoterms 2020, DDP nìkan ni olùtajà ti ń san owó tí ìjọba ń gbà lórí ọjà tó wọ orílẹ̀-èdè olùrà. Ohun tí CIF gbé lé olùtajà lọ́wọ́ ni owó gbígbé ọjà dé inú ọkọ̀, owó ọkọ̀ òkun títí dé èbúté tí ẹ dárúkọ, àti owó adójútòfò. Bí ó ti wí pé òun ti san gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó máa sọ òtítọ́ nípa ìpín tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní iye àwo náà nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ jẹ́ dọ́là 8,000, owó ọkọ̀ dọ́là 1,100, owó adójútòfò dọ́là 50. Iye CIF nìyẹn, dọ́là 9,150. Lórí iye yìí ni Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ń gbé owó wọn lé, nítorí náà bí owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí irú ọjà náà bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, dọ́là 1,830 ni ẹ ó san, kí àwọn owó kéékèèké àti VAT tó wá lé e. Bí ẹ bá sì rà á ní FOB, tí ẹ fúnra yín san owó ọkọ̀ àti ti adójútòfò, wọ́n á ṣì kà á mọ́ ọn. Ẹni tó rò pé FOB yóò dín owó kọ́sítọ́ọ̀mù kù ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ àwo tó fọ́ ló gba àròjinlẹ̀. Lábẹ́ CIF, ibi tí olùtajà ń san owó ọkọ̀ dé kọ́ ni ibi tí ewu ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èbúté Lagos ni owó rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ní Ṣáínà, nígbà tí ẹrù ti wọ inú ọkọ̀, ni ewu ti di tiyín. Bí àwo bá fọ́ lójú òkun, ẹ̀yin lẹ ó bèèrè owó lọ́wọ́ adójútòfò, kì í ṣe lọ́wọ́ olùtajà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ààbò tó kéré jù ni òfin CIF béèrè, èyí tí àwọn adójútòfò ń fi lẹ́tà C pè, tó sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 110 nínú 100 iye ọjà. Nínú ìṣirò wa, dọ́là 10,065 nìyẹn. Ààbò C ń san owó ohun tí iná, rírì ọkọ̀ tàbí ìforígbárí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Kì í san owó ohun tí olè bá jí, bẹ́ẹ̀ ni kì í san owó àwo tó fọ́ nítorí pé ẹrù já bọ́ lọ́wọ́ àwọn agbẹ́rù. Fún ohun tó ń fọ́, ó yẹ kí ẹ ti bèèrè ààbò A, èyí tó gbòòrò jù. Lábẹ́ CIP, àdéhùn mìíràn tí olùtajà ti ń san owó ìrìnnà àti ti adójútòfò, tó sì bá ẹrù inú kọ̀ǹtánà mu ju CIF lọ, ààbò A ni olùtajà gbọ́dọ̀ rà, àfi bí ẹ bá jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun mìíràn.

Ẹ wo páálí náà dáadáa. Bí ó bá ti rún, tàbí tí ó ní àpá ìkọlù lára, ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀. Bí páálí kò bá ní àpá, ṣùgbọ́n tí àwo fara kan ara wọn láìsí ohun tó là wọ́n láàárín, àìdára ìdìpọ̀ ni, èyí tí adójútòfò kì í san. Olùtajà lẹ lè bá ṣe ẹjọ́ ìyẹn, nítorí ojúṣe rẹ̀ ni láti di ẹrù bó ti yẹ fún ìrìn àjò. Ẹ ya àwòrán, ẹ kọ àbùkù náà sórí ìwé ìgbẹ́rù kí ẹrù tó kúrò ní èbúté, kí ẹ sì kọ̀wé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sí aṣojú adójútòfò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdójútòfò, kí ó lè rán ẹni tí yóò yẹ ẹrù náà wò.

Bí olùtajà mìíràn bá fi DDP lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ tí yóò wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí kò bá jẹ́ orúkọ yín, ẹ kò ní ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé wọ́n san owó ìjọba lórí ọjà yín.