Orí mi wú: ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ohun tí àwọn ayàwòrán Ròmáńtíìkì ń wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kà nípa àwọn ayàwòrán Ròmáńtíìkì ti Yúróòpù ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń pe ohun kan ní "sọ́bláìmù" nínú àwòrán òkè àti òkun wọn. Ṣé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un? Báwo ni mo sì ṣe lè kọ nípa rẹ̀? Ó ti sú mi láti máa kọ "ẹnu yà mí" ní gbogbo ìgbà.

Ìdáhùn: Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo fún un, àmọ́ a ní gbólóhùn kan tó sún mọ́ ọn ju gbogbo èyí tí mo ti rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè lọ: orí mi wú. Wo ibi méjì tí a ti ń lò ó. Bí ẹnì kan bá ń ki ọ́ ní oríkì ìdílé rẹ, tó ń pe àwọn baba ńlá rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí rẹ yóò wú. Bí o bá sì ń bọ̀ láti oko lálẹ́, tí ohun kan tí o kò rí bá mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, orí rẹ yóò wú bákan náà. Ìdùnnú ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù ni ti èkejì, orí kan náà ló wú fún méjèèjì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ohun tí ò ń bèèrè wà. "Ẹnu yà mí" kò dé ibẹ̀. Ẹnu lè ya èèyàn nítorí owó tòmátò. "Ìbẹ̀rù ọlọ́wọ̀" náà kò bá a mu, torí àgbà tàbí Ọlọ́run la ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, a kì í bẹ̀rù àpáta bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Áyálándì kan, Edmund Burke, ló la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1757. Ó ya ohun tó rẹwà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń mú orí wú. Ohun tó rẹwà máa ń kéré, ó máa ń dán, ó ṣeé fọwọ́ pa. Èkejì tóbi, ó ṣókùnkùn, agbára rẹ̀ ju ti èèyàn lọ, ojú kì í sì í rí òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹni tó ń wò ó. Ẹni tí ìgbì ń gbé lọ kò ráyè orí wíwú, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó dúró létí òkun tó ń wo ìgbì náà ni orí rẹ̀ ń wú.

Bí o bá fẹ́ rí bí ayàwòrán ṣe ń ṣe é, wo iṣẹ́ Caspar David Friedrich, ọmọ Greifswald létí òkun Báltíìkì ní Jámánì, tí wọ́n bí ní 1774. Àwòrán rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní "Mọ́ńkì Létí Òkun"; mọ́ńkì ni ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Ọdún 1808 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní 1810. Kò tóbi tó bí o ṣe lè rò: gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 110, fífẹ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní 170. Ilẹ̀ yanrìn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀, òkun dúdú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run gba gbogbo ìyókù, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwòrán náà lọ. Mọ́ńkì náà nìkan ṣoṣo ló dúró lórí yanrìn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, kò sì ga ju ìka ọwọ́ lọ.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn àwòrán yìí ni ohun tí Friedrich yọ kúrò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi iná tí ojú lásán kò rí yẹ abẹ́ ọ̀dà wò, wọ́n rí i pé ó ti ya ọkọ̀ ojú omi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá kun ún pa. Rò ó wò: bí ọkọ̀ bá wà níbẹ̀, ojú á rí ibi tó máa bà lé, á sì fi ọkọ̀ yẹn wọn bí omi ṣe jìnnà tó. Nígbà tí kò sí ọkọ̀, tí kò sí igi, tí kò sí òkè lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò rí ibi jókòó sí. Kant, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Königsberg, ti kọ ọ́ ní 1790 pé ibi tí ọkàn bá ti fẹ́ wọn nǹkan, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì tó, ni nǹkan yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́ńkì yẹn ni òṣùwọ̀n tí Friedrich fún wa, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fún wa ní èyí tí kò ní tó.

Wọ́n gbé àwòrán náà jáde ní Akadẹ́mì Bàlíìnì ní 1810. Ọba Prọ́ṣíà rà á, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan ń wá ohun tí wọ́n máa wò níbẹ̀, wọn kò rí i. Òǹkọ̀wé Heinrich von Kleist wá kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Kò fi mọ sí bí òkun náà ṣe tóbi tó. Ó ní bí èèyàn bá ń wò ó, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti gé ìpéǹpéjú ẹni kúrò. Ìdáhùn sí apá kejì ìbéèrè rẹ nìyẹn: má sọ bí nǹkan ṣe tó, sọ ohun tó ṣe fún ara ẹni tó ń wò ó. Yorùbá kún fún èyí ju bí a ṣe ń lò ó lọ: àyà já, ara bù máṣọ, ẹsẹ̀ wúwo, itọ́ gbẹ lẹ́nu.

Èdè wa tún ní ohun kan tí Jámánì Kleist kò ní. Ohùn ọ̀rọ̀ wa ń wọn nǹkan. Róbótó ni ohun kékeré tó rí roboto, ròbòtò ni ńlá. Ohùn òkè sábà máa ń gbé ohun kíńkíní, ohùn ìsàlẹ̀ a sì gbé ohun ràbàtà. Nítorí náà o lè ṣe ohun tí Friedrich ṣe, kí o fi ọ̀rọ̀ olóhùn òkè kan ṣoṣo sáàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ ọ́ báyìí: "Òkun náà tóbi gan-an ni, ó bani lẹ́rù, ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹnu ya ọkùnrin náà púpọ̀." Òǹkàwé kò rí nǹkan kan níbẹ̀. "Kò ṣeé fẹnu sọ" gan-an ló burú jù, torí sísọ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Èyí ni mo kọ dípò rẹ̀:

"Ọkùnrin kan dúró tíńtín létí omi. Níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yanrìn ti parí. Òkun dúdú tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sí ọkọ̀, kò sí erékùṣù, ojú ọ̀run ràbàtà sì dé e mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbì. Nígbà tó dé méje, kò mọ èyí tó ti kà mọ́. Orí rẹ̀ wú."

Kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀kan ni "ràbàtà" wọlé. Bí mo bá fi "bàǹtàbanta" àti "gàgàrà" tẹ̀ lé e, wọn yóò di ìlù, òǹkàwé á sì máa jó dípò kó dúró. "Orí rẹ̀ wú" náà, ìparí ni mo fi sí. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́, kò ní sí ohun tí òkun máa ṣe mọ́.