Fúláwà dínwó, síbẹ̀ wọ́n ní a pàdánù

“Ẹ jọ̀ọ́, súpáfáísọ̀ ni mí ní ilé búrẹ́dì. Akáńtáǹtì ní a fi ₦120,000 ṣòfò lórí fúláwà lọ́sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ fúláwà tó dínwó ni wọ́n rà fún wa. Báwo ló ṣe jẹ́?”

Ẹ má tíì bá a jà. Ohun méjì ló yà sọ́tọ̀: iye owó tí wọ́n ra àpò, àti iye àpò tí ẹ lò. Ẹni tó ń rajà ló ń jíhìn fún ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ ń jíhìn fún èkejì.

Ká ní òṣùwọ̀n tí ilé iṣẹ́ yín fi lélẹ̀ ni pé búrẹ́dì kan á gba fúláwà gíráàmù 500, àti pé ₦60,000 ni àpò kílò 50. Ẹ ṣe búrẹ́dì 2,000 tó ṣeé tà. Àpò 20 ló yẹ kó gbà. Ẹ lo 22, ₦57,000 ni wọ́n sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti owó ọjà, ₦3,000 lórí àpò 22 jẹ́ èrè ₦66,000. Ní ti ìlò, àpò 2 tó lé, ní ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ àdánù ₦120,000. Iye owó òṣùwọ̀n la fi ń ka ìlò, kí ọjà tó gbówó lórí tàbí tó wálẹ̀ má baà wọ inú ìṣirò yín. Bí a bá pa á pọ̀, ₦54,000 ló lọ.

Ẹ bi akáńtáǹtì bóyá búrẹ́dì tó jáde gan-an ló fi ṣírò àpò 20 yẹn. Bó bá lo 1,800 tó wà nínú ètò ọ̀sẹ̀, àpò 18 ló máa pè é, á sì di ẹ̀bi àpò 2 mìíràn rù yín torí pé ẹ ṣiṣẹ́ ju ètò lọ.

Síkéèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ìyẹ̀fun pípò fún búrẹ́dì kan bá yẹ kó jẹ́ gíráàmù 850, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gé 900, gíráàmù 50 lórí búrẹ́dì 2,000 jẹ́ kílò 100. Fúláwà inú rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 59, ó ju àpò kan lọ. Ẹ wọn mẹ́wàá nínú ohun tí wọ́n gé, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ ka búrẹ́dì tó jóná náà, torí ó jẹ fúláwà ṣùgbọ́n kò sí nínú 2,000.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo fúláwà fúnra rẹ̀. Èyí tí kò lágbára kì í fa omi púpọ̀. Bí ẹ bá da omi tí ẹ máa ń dà sí i, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì bu fúláwà kún un kó lè dì. Bí ẹ bá dín omi kù ńkọ́? Búrẹ́dì tí àpò kan ń mú jáde á dín kù. Nítorí náà, ẹ máa kọ orúkọ fúláwà, lítà omi àti iye búrẹ́dì tó jáde sílẹ̀ fún gbogbo àpò tí ẹ bá pò. Bí ìlò bá ga lórí fúláwà olówó pọ́ọ́kú nìkan, ẹ gbé ìwé yẹn fún akáńtáǹtì: ẹni tó rà á ló yẹ kó jíhìn fún àdánù náà.