Dídán eré káàdì tuntun wò lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ wá rí

Ìbéèrè: Mo ṣe eré káàdì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 15. Iye owó ọjà ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ilé mi ń ṣe eré náà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e fún àwọn tí n kò mọ̀ rí, bí ẹnì kan bá ti ju 14 sílẹ̀ báyìí, ńṣe ni àwọn yòókù ń fa káàdì. Èmi ni mo ń là wọ́n lọ́yẹ̀ títí eré fi parí. Ṣé kí n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé òfin pé 14 kò ní kí ẹnikẹ́ni fa káàdì ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìwé òfin. Ẹnu yín ni àwọn ará ilé yín ti gbọ́ eré náà, ìdí nìyẹn tí kò fi rú wọn lójú. Àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí gbé òfin Wọ́ọ̀tì wá sídìí tábìlì. Nínú Wọ́ọ̀tì, 14 ni jẹ́nẹ́rà mákẹ́ẹ̀tì: kí gbogbo ẹni tó kù fa káàdì kan. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti kékeré, ìlà kan nínú ìwé kò lè borí rẹ̀.

Orí káàdì ni kí ẹ ti tún un ṣe. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé owó ni nọ́ńbà yín, ẹ kọ ₦1,400 dípò 14, kí ẹ sì gbé e sáàárín káàdì, nítorí igun ni nọ́ńbà Wọ́ọ̀tì máa ń wà. Ẹ ṣe 2 náà bákan náà, nítorí nínú Wọ́ọ̀tì, òun ló ń mú kí ẹni tó kàn fa káàdì méjì.

Ìlàlọ́yẹ̀ tí ẹ ń ṣe yẹn ló ń dùn mí jù, torí ó ti bo àwọn ibòmíràn tó rú wọn lójú mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé páálí eré àti ìwé òfin fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé eré là ń dán wò, kì í ṣe àwọn, kí ẹ sì dákẹ́. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá wọn lóhùn pé, "Kí lẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe?" Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ ibi tí ọwọ́ wọn lọ pẹ̀lú, àti ojú ìwé òfin tí wọ́n padà sí. Àyàfi tí eré bá dúró pátápátá ni kí ẹ tó là á fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ là á.

Bí eré bá parí, ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, torí ọmọlúàbí kò ní sọ fún yín pé kò dùn. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé fún yín bí èèyàn ṣe ń borí nínú eré náà. Ibi tí àlàyé wọn bá ti yà kúrò lára tiyín ni iṣẹ́ wà. Wọ́n lè dá àbá pé kí ẹ fi òfin tuntun kún un. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó sú wọn tí wọ́n fi dá àbá náà, kí ẹ sì wá ọ̀nà àbáyọ fúnra yín.

Owó orí káàdì yẹn nìkan ni kí ẹ yí padà, kí ẹ wá gbé e fún àwọn mìíràn tí kò rí i rí, torí àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ àwọn tuntun náà bá ṣì ń lọ sídìí káàdì, ẹ sọ fífa káàdì di òfin eré yín gan-an.