"Ọ̀la ni" láìsí déètì: ohun tí ojú wa rí

"Ìpàdé àwa tí à ń ṣe kọ̀ǹpútà máa wáyé ní Kétu ní Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta, láago mẹ́ta ọ̀sán. Mo fẹ́ máa gbé ìkéde kan jáde lójúmọ́, láti Ọjọ́rú títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Àbúrò, ohun yòówù kó o kọ, ọjọ́ àti déètì ni kó ṣáájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó sọ pé ó ku ọjọ́ mélòó.

Nígbà tí a ṣe tiwa ní Àjàṣẹ́, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní amòye ìpolówó ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo ní kó kọ déètì, ó ní déètì ń ba ẹwà àwòrán jẹ́. "Ọ̀LA NI!" gàdàgbà ló gbé jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀ Fésíbúùkù kì í to nǹkan bó ṣe jáde. Èyí tó bá rò pé ó máa wu èèyàn ló ń gbé síwájú rẹ̀. Ẹni tí mẹ́gà rẹ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá ra òmíràn nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, "Ọ̀LA NI!" yẹn ló bá lójú fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a ti kó àga, a ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, ni àwọn ọmọ kan gun alùpùpù dé láti Pobẹ̀, kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, eruku lójú. Ọ̀kan na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ṣebí òní ni?" Ìgbà tí ìkéde jáde wà lókè rẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ta ló ń wo ìyẹn? Amòye wa ní àwọn ni wọn ò fara balẹ̀ kàwé. Ó sì ti gbowó!

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta" náà ní wàhálà tiẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ìwọ ń ka Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ẹni tó ń ka ọjọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà máa ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ Ẹtì ló máa já sí fún un.

Sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù ńkọ́? Wákàtí 24 ló ń lò. Èyí tó o bá gbé síbẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣì ń pariwo "ọ̀la" ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé gan-an. Pa á rẹ́ láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kó o fi "òní" rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó kù, o mọ̀ ọ́n: Ọjọ́rú, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti bóyá kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá, Ọjọ́bọ̀, ibi tó wà, bóyá ẹ̀gbẹ́ Àkábà Ìdẹ̀nà ni, Ẹtì, nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù. Orúkọ gbọ̀ngàn, má kọ ọ́ sínú àwòrán. Àwọn tó ń mójú tó gbọ̀ngàn lè já a gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì nítorí ìpàdé ọlọ́lá kan, wọn ò sì ní bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣeé tún kọ lórí Fésíbúùkù, ti inú àwòrán kò ṣeé tún ṣe.

Àwọn ará Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, aago kan náà la jọ ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wò ó lórí fóònù láti Lomé, sọ fún un pé aago méjì ni tiwọn.