Èsì: lóònù tí wọ́n dá dúró tó tún ń wú

"Báǹkì ní kí n sinmi sísan fóṣù 6, 500,000 ni mo jẹ, báwo ló ṣe di 560,000?"

Ẹ̀gbọ́n, sísan ló dúró, èlé ò dúró o. Tó bá jẹ́ 2% lóṣù, 10,000 ló ń wọlé lóṣooṣù, nígbà tóṣù 6 wá pé wọ́n kó 60,000 yẹn pọ̀ mọ́ ojú owó, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dunni, torí látìgbà yẹn orí 560,000 ni wọ́n á ti máa ṣírò èlé, 11,200 lóṣù dípò 10,000. Ohun tó ṣe mí nìyẹn pẹ̀lú lóònù ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse. Ẹ wo sítétímẹ́ǹtì yín, tí ojú owó bá ti fò sókè lọ́jọ́ tí ìsinmi parí, wọ́n ti kó o pọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá tún fẹ́ sinmi, ẹ ní ẹ fẹ́ máa san èlé nìkan, 11,200 lóṣù, 560,000 á dúró sójú kan.