Àlọ́ ọlọ́rọ̀ méjì tó bára dún: ibo la ti ń wá èkejì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́ńdọ̀n la wà. Wọ́n máa ń fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àlọ́ kan nílé ìwé. Wọ́n á júwe nǹkan kan, òun á fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ìparí wọn dún bákan náà dáhùn, iye sílébù wọn á sì bá èyí tí wọ́n fẹ́ mu. Mo lè ronú títí kí n má rí i. Tí mo bá wá rí i, ọmọ á ní, "Mọ́mì, wọn ò dún bákan náà." Báwo ni mo ṣe lè máa rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu? (Ìyá kan, Lọ́ńdọ̀n)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Orúkọ àlọ́ náà ló ń sọ iye sílébù tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá kọ `hink pink` sí i, sílébù kan ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. `hinky pinky` jẹ́ méjì-méjì, `hinkety pinkety` sì jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ lé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ dànù.

Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹ wá ẹṣin kékeré tó jẹ́ ayédèrú, wọ́n sì pè é ní `hinky pinky`. Orúkọ nǹkan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ tó ń júwe rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ayédèrú ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orúkọ ẹṣin kékeré kò pọ̀. Ẹ kọ èyí tó bá wá sọ́kàn yín sílẹ̀: `foal`, `colt`, `pony`. Sílébù kan péré ni méjì àkọ́kọ́ ní, nítorí náà `pony` nìkan ló kù. Ẹ wá yọ ìró `p` kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ máa fi ìró mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: `bony`, `stony`, `crony`. Kò sí èyí tó jẹ mọ́ ayédèrú nínú wọn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń há. Lẹ́tà ábídí ni wọ́n ń tò, wọ́n á dé orí `f`, wọ́n á rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ `fony`, wọ́n á sì kọjá. Àmọ́ ìró la ń wá. Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ ìró `f` ní `ph` nígbà mìíràn, ìdáhùn sì nìyẹn: `phony pony`. Nítorí náà, ẹ máa pe ìró náà sókè kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé ìró méjì tó ń lẹ̀ pọ̀ níwájú ọ̀rọ̀, bí `st`, `cr`, `fl`, `gr`. Ibẹ̀ ni ìdáhùn máa ń sá pamọ́ sí jù.

Ní ti ohun tí ọmọ yín ń wí, ó ṣeé ṣe kó jàre. Ẹ̀yin àti òun kò fi etí kan náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ wa tí a fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ máa ń pe `ship` àti `sheep` bákan náà. Tí wọ́n bá ní ká wá ọkọ̀ ojú omi tí kò wọ́n, a lè fi ìdánilójú kọ `cheap ship`. Létí olùkọ́, fáwẹ́lì wọn yàtọ̀, wọn kò bára dún rárá. Àgùntàn tí kò wọ́n ló lè jẹ́ `cheap sheep`.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń tàn wá. Èèyàn lè rò pé `happy` àti `puppy` bára mu, torí `-ppy` ló kẹ́yìn méjèèjì. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé láti orí fáwẹ́lì tí wọ́n tẹ ohùn mọ́ jù títí dé ìparí ni ìró gbọ́dọ̀ ti dọ́gba. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ ohùn mọ́, ó sì yàtọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún sílébù tí àwa ń fi kún ọ̀rọ̀. Búrẹ́dì jẹ́ mẹ́ta lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n `bread` jẹ́ ẹyọ kan lẹ́nu wọn, nítorí náà `red bread` jẹ́ `hink pink` pípé.

Tí iyèméjì bá wà, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú CMU Pronouncing Dictionary, ìwé ìpè ọ̀rọ̀ tí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ó kọ `pony` báyìí: `P OW1 N IY0`, ó sì kọ `phony` báyìí: `F OW1 N IY0`. Fáwẹ́lì nìkan ni nọ́ńbà máa ń wà lára rẹ̀, nítorí náà iye nọ́ńbà tí ẹ bá kà ni iye sílébù. Nọ́ńbà 1 ni ibi tí ohùn tẹ̀ mọ́ jù. Láti ibẹ̀ dé òpin, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ bára mu. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ fi `HH AE1 P IY0` tó jẹ́ `happy` wé `P AH1 P IY0` tó jẹ́ `puppy`, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti pínyà.

Bí orí bá kọ̀ tí kò gbé ọ̀rọ̀ jáde mọ́, Datamuse lè wá a fún yín. Ẹ tẹ èyí síbi tí ẹ ti máa ń tẹ àdírẹ́sì lórí fóònù:

```
https://api.datamuse.com/words?rel_rhy=pony&ml=fake&md=s
```

`rel_rhy` ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó bá a dún, `ml` ni ìtumọ̀ tí ẹ ń wá, `md=s` sì ni ẹ fi ń ní kó kọ iye sílébù sí iwájú `numSyllables`. Èyí tí iye rẹ̀ kò bá jẹ́ 2, ẹ fò ó. Tí kò bá mú nǹkan gidi wá, ẹ yọ `&ml=fake` kúrò kí ẹ fi ojú ara yín yẹ gbogbo rẹ̀ wò, nítorí àwọn tó ń ṣe àlọ́ máa ń lo ìtumọ̀ tó jìnnà díẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà àdírẹ́sì gígùn lè lọ sí RhymeZone, tó máa ń to ọ̀rọ̀ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí iye sílébù wọn. Ní tèmi o, kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu wá a ná. Irinṣẹ́ náà máa ń da ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò gbọ́ rí sílẹ̀.

Ìpè Amẹ́ríkà ni ìwé Carnegie Mellon yẹn tẹ̀ lé, Lọ́ńdọ̀n sì lẹ̀ ń gbé. Ó máa ní `potato` àti `tomato` bára dún, ṣùgbọ́n wọn kò bára dún lẹ́nu olùkọ́ ọmọ yín. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ajá tó ń dun ún lè jẹ́ `sore paw` ní Lọ́ńdọ̀n, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í pe `r` tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ ìwé náà kọ `S AO1 R` àti `P AO1`, kò ní gbà pé wọ́n jọra. Ọ̀rọ̀ bíi `fire` náà wà tí àwọn kan ń kà sí sílébù kan, tí àwọn mìíràn ń kà sí méjì. Irú ìwọ̀nyí, ẹ ní kí ọmọ pe méjèèjì sókè bí wọ́n ṣe ń pè é ní kíláàsì, kí ẹ sì gba tirẹ̀.