Àtọ̀ tó di omi lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di ọdún méjì tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ. Àtọ̀ mi máa ń ki tó bá jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń di omi. Ẹnì kan ní omi yẹn ni kò jẹ́ kí ìyàwó mi lóyún, ó sì ta àgbo tó ń mú àtọ̀ ki fún mi. Mo ti ṣe àyẹ̀wò. Ilé ni mo ti gba àtọ̀ náà, díẹ̀ dà nù níbẹ̀rẹ̀, ó sì tó wákàtí méjì kí n tó gbé e dé láàbù. Ohun tí wọ́n kọ rèé: ó jẹ́ mìlílítà 1.2, ó yòrò ní ìṣẹ́jú 25, mílíọ̀nù 18 ló wà nínú mìlílítà kan, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ síwájú, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrísí rẹ̀ pé. Kí ni mo lè lò kó lè máa ki?

Ìdáhùn: Ẹ má lo nǹkan kan. Àtọ̀ tó ki nígbà tó jáde, tó sì wá yòrò, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ìbéèrè yìí kì í dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí ẹ̀yin tó ń béèrè o, sí àwọn tó ń fi ìpayà tajà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn àpò kékeré méjì kan wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi àtọ̀ ti ń wá. Púrótéènì inú omi yìí ló ń mú kí àtọ̀ dì ní kété tó bá jáde. Ẹ̀yà ara mìíràn tó ń jẹ́ pùròsítéètì náà ń da omi tirẹ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńsáìmù inú omi ti pùròsítéètì yìí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé púrótéènì náà sí wẹ́wẹ́. Bó ṣe ń gé e ni àtọ̀ ń yòrò, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó há sínú rẹ̀ sì ń ráyè lúwẹ̀ẹ́. Ó sábà máa ń yòrò láàárín ìṣẹ́jú 15. Àwa ní láàbù máa ń ní sùúrù dé ìṣẹ́jú 60 kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yòrò. Ìṣẹ́jú 25 tiyín dára. Èyí tó kọ̀ láti yòrò gan-an ló ń kọ wá lóminú, pàápàá tí a bá fi ọ̀pá fa á sókè tó sì ń fà tìnrín ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ láìjá, nítorí sẹ́ẹ̀lì kò ní lè rìn dáadáa nínú rẹ̀.

Àwọ̀ àtọ̀ tàbí kíki rẹ̀ kò sì lè sọ iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ni ohun kékeré onírù tó ń wọnú ẹyin obìnrin, ojú lásán kò lè rí i, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni àyè tó gbà nínú omi náà. Ẹ wo ọkùnrin tí wọ́n ti gé ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ rẹ̀ kó má baà bímọ mọ́. Tí èyí tó kù lójú ọ̀nà bá ti tán, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú àtọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń ki, ó ṣì ń funfun, bíi ti tẹ́lẹ̀ ló sì ṣe pọ̀ tó. Ta ló máa fi ojú wò ó tó máa mọ̀? Maikirosikóòpù nìkan ló lè sọ ọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa kíyè sí àtọ̀ tó dà bí omi: tí kò bá dì rárá látìgbà tó ti jáde, tó kéré gan-an, tó sì tún kan bí ásíìdì nínú àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ pé omi inú àwọn àpò méjì yẹn kò rọ́nà jáde ni. Dókítà ló máa ń yẹ irú rẹ̀ wò, àgbo kò lè là á. Tiyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ní ó máa ń ki.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìwé àyẹ̀wò yín. N kò ní gbà á gbọ́, bí wọ́n ṣe gba àtọ̀ náà ló bà á jẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí jù, òun náà ló sì dà nù. Tí a bá fi 1.2 di ìlọ́po 18, mílíọ̀nù 21.6 ni àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ ààlà ìsàlẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sínú ìwé ìlànà wọn ti ọdún 2021 jẹ́ mílíọ̀nù 39 nínú gbogbo àtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, mìlílítà 1.4 sì ni ààlà fún ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn méjèèjì, ìwọ̀n àti àpapọ̀, á wà lábẹ́ ààlà lórí ìwé, ṣùgbọ́n nǹkan tó dà nù kò sí nínú ìṣirò náà. Mílíọ̀nù 18 nínú mìlílítà kan fúnra rẹ̀ ti ju ààlà 16 lọ.

Ti rírìn ńkọ́? Ó yẹ kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, máa lọ síwájú. Ìdá 12 tiyín kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí méjì lójú ọ̀nà ti tó láti mú un rẹlẹ̀, pàápàá tí òtútù bá mú un. Ó yẹ kí láàbù fi aró eosíìnì ṣe àyẹ̀wò sí i: sẹ́ẹ̀lì tó ti kú á fa aró pupa náà mu, èyí tó wà láàyè kò ní fà á. Tí ọ̀pọ̀ nínú èyí tí kò rìn bá ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí kí wọ́n ti kú.

Ìdá 4 tó ní ìrísí tó pé yẹn náà kò burú, orí ààlà gan-an ló wà. Ẹ má kà á sí pé ìdá 96 tó kù ti bàjẹ́. Ìlànà tí a fi ń wo orí, ọrùn àti ìrù wọn le gan-an, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti bímọ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ara àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti fa gbogbo ààlà yìí yọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àgàn, ẹni tó wà lókè rẹ̀ náà kò sì gba ìwé ẹ̀rí pé yóò bímọ.

Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ẹ yàgò fún ìbálòpọ̀ àti ìtújáde èyíkéyìí fún ọjọ́ 2, ó pẹ́ tán ọjọ́ 7. Láàbù gan-an ni kí ẹ ti gbà á tó bá ṣeé ṣe, ọwọ́ lásán ni kí ẹ lò, láìsí ọṣẹ, ìpara tàbí itọ́, inú ike tí láàbù bá fún yín ni kí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí. Ẹ má lo kọ́ńdọ̀mù lásán, ohun tí wọ́n fi ń kùn ún lè pa sẹ́ẹ̀lì. Tí díẹ̀ bá dà nù, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má tijú. Tó bá pọn dandan kó jẹ́ ilé, ẹ fi ike náà sábẹ́ aṣọ lẹ́bàá ara, kó sì dé láàbù láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Ẹ sọ fún wọn bí ibà bá ti mú yín láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ó ń gba nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ kí kóró ẹpọ̀n tó ṣe sẹ́ẹ̀lì kan parí, ibà sì lè mú iye wọn wálẹ̀.

Ẹ gbé àgbo yẹn sílẹ̀ báyìí. Àwọn kan tó ń tà irú rẹ̀ máa ń da họ́mọ̀nù ọkùnrin mọ́ ọn, họ́mọ̀nù tí èèyàn bá gbà láti ìta sì ń dá iṣẹ́ kóró ẹpọ̀n dúró. Ìwé lásán ni mo rí, n kò yẹ ara yín wò. Dókítà tó bá rí yín lójúkojú ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìyàwó yín náà kò gbọ́dọ̀ dúró de èsì yín. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, ọdún méjì ti pọ̀ jù láti máa dúró.